Owó Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, Ọjọ́ Ajé Ló Ń Jí

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń mú owó olówó dání láti Ọjọ́ Ajé, tí kò ní sọ sí yín lọ́kàn pé ẹ jẹ gbèsè àfi ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báǹkì ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ yín. Gbogbo Dópẹ̀mú ló mọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé, “Mo ti sanwó o, ẹ lọ wo báǹkì yín,” tí ẹ óò wá pa fóònù di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ẹ ò parọ́, ẹ sanwó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú òótọ́ tí ẹ ń sọ yìí, irọ́ pàápàá ń jowú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń sanwó fún, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. A rí yín ní Sátidé lóde ìnáwó, tí ẹ ń tẹ fóònù lábẹ́ tábìlì, tí àmàlà ń tutù níwájú yín. A rí yín ní Sọ́ńdè ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí pásítọ̀ ní kí gbogbo èèyàn di ojú, tí ẹ la ọ̀kan sílẹ̀ láti fi wo báláǹsì. Ẹ ti bú mánẹ́jà báǹkì, ẹ ti bú ẹni tó bí i, ẹ ti ní àwọn ará ilé bàbá yín ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ará ilé bàbá yín kankan kò sí níbẹ̀. Owó yín kò sọnù, àjẹ́ kò gbé e. Ó kàn dé ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn ìgbà tí àwọn tó ń ṣírò owó ti ṣírò ti ọjọ́ náà tán ni, àwọn yẹn kì í sì í ṣírò ní Sátidé àti Sọ́ńdè.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyá kan tó ń ta táìsì lójú ọ̀nà Akówọnjọ ṣe àpẹẹrẹ. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni, àmọ́ bó bá lọ wà lóòótọ́, ahọ́n rẹ̀ mú ju ẹ̀rọ tó fi ń gé táìsì lọ, èmi ò sì fẹ́ kó gé mi. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ra táìsì lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbọ̀ngàn ìpàdé wọn, ₦480,000. Akápò ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n ti fọwọ́ sí sọ̀wédowó fún láti Ọjọ́rú, fi í sínú àpò àgbádá, ó gbé e lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ, ó gbé e lọ sí ibi ayò, ó fún un ní afẹ́fẹ́ dáadáa. Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án Jímọ̀ ló tó gbé e fún ìyá oní-táìsì, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ìyá gbé kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá mọ abẹ́ bíríìjì Dópẹ̀mú ní ọ̀sán Jímọ̀ mọ ohun tó kù. Jímọ̀ ń tú, àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Agége àti àwọn tó fẹ́ lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá ti kọjú ìjà síra wọn, agbèrò dúró láàárín, ó ń bá gbogbo wọn gbowó. Nígbà tí ìyá máa fi wọ báǹkì, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago mẹ́rin lù. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun bá wọn. Ó kọ ìwé, kaṣíà gba sọ̀wédowó, ó wò ó, ó lu òǹtẹ̀.

“Ọmọ mi, ìgbà wo ni màá rí owó yìí?”

“Màmá, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”

“Ìṣẹ́gun kẹ̀? Ṣebí òní Jímọ̀ ni mo gbé e wá!”

“Ẹ gbé e wá lónìí lóòótọ́, mà. Ṣùgbọ́n òní ti parí lọ́dọ̀ wa.”

Ìyá yí ojú wo fèrèsé. Oòrùn wà lókè. Ó wo aago ògiri, aago kò tíì lu mẹ́rin. Ó wá wo ọmọbìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, bóyá ó ti jẹun. Ọmọ ọlọ́mọ ti jẹun, òtítọ́ ló sì sọ. Òní lè parí ní báǹkì kí ilẹ̀kùn tó tì. Aago tí báǹkì ń ti ilẹ̀kùn yàtọ̀ sí aago tí wọ́n ń ti ọjọ́. Èyí tí wọ́n fi ń ti ọjọ́ yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń pè ní kọ́tí-ọ́ọ̀fù. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní gbèdéke.

Kí ló dé tí gbèdéke fi ń ṣáájú ilẹ̀kùn? Nítorí pé sọ̀wédowó ní ìrìn àjò níwájú, ìyá oní-táìsì nìkan kọ́ ló ń sáré. Kaṣíà á kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i, á wò ó bóyá iye tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ bá iye tí wọ́n fi nọ́ńbà kọ mu. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kó gbogbo sọ̀wédowó ọjọ́ náà jọ sí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán wọn níwájú àti lẹ́yìn, tó tún ń ka ìlà nọ́ńbà dúdú tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Yíǹkì tí ìrin lè fà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́: nọ́ńbà sọ̀wédowó, nọ́ńbà báǹkì àti ẹ̀ka tó ni ín, àti nọ́ńbà àkáǹtì oní-nọ́ńbà 10. Ẹ̀ka Akówọnjọ á fi àwòrán ránṣẹ́ sí olú ilé iṣẹ́ wọn. Olú ilé iṣẹ́ á dúró de ẹ̀ka Ìkọ̀tún, ẹ̀ka Ìgandò, ẹ̀ka Kánò, á di gbogbo rẹ̀ pọ̀, á fi ránṣẹ́ sí NIBSS. NIBSS ni ilé iṣẹ́ tí Báǹkì Àpapọ̀ àti àwọn báǹkì yòókù dá sílẹ̀ ní 1993 láti máa bá wọn pín irú ẹrù báyìí. NIBSS náà ní aago tirẹ̀ tó fi ń ti ilẹ̀kùn, olú ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú aago yẹn, ẹ̀ka sì gbọ́dọ̀ ṣáájú olú ilé iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí tìrẹ, ìwọ tó dúró sórí ìlà, fi ní láti ṣáájú gbogbo wọn. Bí ọkọ̀ tó kẹ́yìn bá ti kúrò ní Dópẹ̀mú, pé o ṣì wà ní gáréèjì kò sọ ọ́ di èrò ọkọ̀.

Báǹkì kọ̀ọ̀kan ló ń mú gbèdéke tirẹ̀, kò sí aago kan ṣoṣo tó kan gbogbo wọn. Wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú fèrèsé kaṣíà, lórí ìwé kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Gbogbo wa la máa ń ka àwòrán ọmọge tó ń rẹ́rìn-ín pé òun yá owó. Ìwé tó sọ ìgbà tí owó wa máa dé, a fi ẹ̀yìn tì í.

Mo tún gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ayé àtijọ́ sàn ju báyìí lọ. Níbo? Ilé tí wọ́n ti ń pààrọ̀ sọ̀wédowó láàárín báǹkì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1961, fún bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ìwé gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ń kó sínú àpò lọ pàdé ara wọn. Sọ̀wédowó rẹ wà nínú gò-síló Èkó lọ́nà, ìwọ wà nílé, ò ń kà á mọ́ owó. Ọdún 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán rìn dípò ìwé. Bí àwòrán bá ti dé ọ̀dọ̀ NIBSS lónìí, ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e lowó ń di tìrẹ. T+1 ni wọ́n ń kọ ọ́. T ni ọjọ́ tí báǹkì gbé sọ̀wédowó náà wọ inú ètò, 1 ni ọjọ́ iṣẹ́ kan lé e.

Gbogbo ìjà ìyá oní-táìsì wà nínú T yẹn. Ká ní akápò gbé sọ̀wédowó wá láàárọ̀ Jímọ̀, tí ìyá sì dé báǹkì ṣáájú gbèdéke, T ì bá jẹ́ Jímọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé Jímọ̀ ni Ọjọ́ Ajé, nítorí Sátidé àti Sọ́ńdè kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ báǹkì, bí ẹ̀ka kan bá tiẹ̀ ṣílẹ̀kùn ní Sátidé láti gba owó lọ́wọ́ yín. Owó ì bá wọlé Ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbèdéke ló dé, T wá bọ́ sí Ọjọ́ Ajé fúnra rẹ̀, +1 sì gbé e dé Ìṣẹ́gun. Wákàtí díẹ̀ tí akápò fi ta ayò ló di odindi ọjọ́ kan nínú ìwé báǹkì. Ẹ rí i pé ayò yẹn gba owó.

Ẹ óò ní: ṣé kò yẹ kí wọ́n kàn gbé owó fún obìnrin náà, kí wọ́n wá ṣe ìṣirò wọn tó bá yá? Ìbéèrè tó dáa ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè dáhùn. Ta ló ti wo inú àkáǹtì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà? Báǹkì ìyá kò rí i, ti ẹlòmíràn ni. Akápò ní owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n akápò yìí náà ló ní òun ti wà ní ojú ọ̀nà láti aago mẹ́wàá. Kò sí ẹni tó lè wo inú àpò ẹgbẹ́ àfi báǹkì ẹgbẹ́ gan-an, àwòrán kò sì ní dé ọ̀dọ̀ wọn títí di Ọjọ́ Ajé. Wọ́n á wo ìfọwọ́sí, á bá ti ìwé mu tàbí kó má bá a mu. Wọ́n á wo owó, á wà níbẹ̀ tàbí kó ti lọ. Bí ohun kan bá ṣe é, wọ́n á dá a padà, ìdápadà yẹn náà ní aago tirẹ̀. Bí aago yẹn bá ti kọjá tí ẹnikẹ́ni kò dá sọ̀wédowó padà, ó ti kílíà nìyẹn. Ẹni tó bá gbé ₦480,000 fún ìyá ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ti yá a lówó láti Jímọ̀ dé Ìṣẹ́gun lórí ọ̀rọ̀ ẹnu akápò. Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ṣé wàá yá a?

Ohun tó wá máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé báǹkì yóò fi owó náà han ìyá kí ó tó jẹ́ tirẹ̀. Ká ní ₦12,300 ló wà nínú àkáǹtì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ sọ̀wédowó wọlé, níbi tí wọ́n kọ Ledger Balance sí lórí fóònù, á rí ₦492,300. Níbi tí wọ́n kọ Available Balance sí, ₦12,300 náà ló dúró sí. Ti àkọ́kọ́ ni gbogbo ohun tí ìwé báǹkì mọ̀ nípa rẹ, títí kan èyí tí kò tíì kílíà. Èkejì ni èyí tó o lè fọwọ́ kàn. Àwọn èèyàn wa kì í ka èkejì. Wọ́n á rí ₦492,300, wọ́n á lọ pe olówó aṣọ ẹbí, wọ́n á ní kó wá. Olówó aṣọ á dé. ATM á ní owó kò tó. Wọ́n á wá gbá ATM lẹ́nu.

Ìwọ akápò, jọ̀ọ́ padà wá, mi ò tíì bá ọ sọ̀rọ̀ tán. Mo mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tó gbọ́n jù ọ́ lọ. Wọ́n mọ̀ pé kò sí náírà kan nínú àkáǹtì ní Jímọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní yẹ̀ ẹ́ wò títí di Ọjọ́ Ajé. Wọ́n á kọ sọ̀wédowó ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ fún ẹni tó ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n á wá fi òpin ọ̀sẹ̀ sáré wá owó tí wọ́n máa fi bò ó. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á ní ọlọ́gbọ́n làwọn. Bí wọn ò bá rí i, sọ̀wédowó á ta padà, òfin kan sì wà nílẹ̀ láti 1977 tó dá lórí sọ̀wédowó tí kò lówó lẹ́yìn. Bí wọ́n bá gbé sọ̀wédowó náà lọ sí báǹkì láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, tí báǹkì sì kọ̀ ọ́ nítorí pé owó kò sí, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló wà níbẹ̀, kò sí pé kéèyàn fi owó gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá ayò, òfin yẹn kò tíì kú o, ó kàn ń sinmi ni. Jímọ̀ kan ló máa dìde.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìsọ̀ ìyá. Ní alẹ́ Jímọ̀ yẹn kan náà, aago méje, bàbá kan wọlé, ó ra táìsì àti gọ́ọ̀mù, ₦86,500. Kò lówó lọ́wọ́, ó fi káàdì sínú POS. Fóònù bàbá dún. Ti ìyá dákẹ́. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì gba férémù ilẹ̀kùn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì lọ. Owó yín ò wọlé.”

“Màdáàmù, alẹ́ẹ̀tì ti wọlé fún mi!”

“Fún yín ló wọlé. Èmi ńkọ́?”

Àwọn méjèèjì jàre, ohun tó ń mú kí irú ìjà bẹ́ẹ̀ pẹ́ nìyẹn. Ìwé tó jáde lẹ́nu POS kọ APPROVED. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé báǹkì bàbá ti wo inú àpò rẹ̀, owó wà níbẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò kó má bàa ná an mọ́. Kò ní ìtumọ̀ pé ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá. Owó ẹ̀rọ POS ti báǹkì, T+1 náà ni òfin rẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ báǹkì sì ń kà. Ìṣòwò alẹ́ Jímọ̀, ọjọ́ kan lé e yẹ kó jẹ́ Sátidé. Sátidé kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́, ó di Ọjọ́ Ajé. Ti Sátidé di Ọjọ́ Ajé. Ti Sọ́ńdè, Ọjọ́ Ajé. Ẹni tó rajà ní alẹ́ Jímọ̀ àti ẹni tó rà á lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè, ọjọ́ kan náà lowó àwọn méjèèjì ń wọlé. Ìyá tó bá wá ń jí ní òru Sátidé láti wo fóònù, oorun ló ń fi ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí bàbá kó táìsì rẹ̀ lọ, ìyá, ṣùgbọ́n ẹ pa ìwé POS yẹn mọ́. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ RRN sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òun ni báǹkì máa fi wá owó náà bí Ọjọ́ Ajé bá dé tí kò wọlé. Bó bá jẹ́ DECLINED ni ìwé náà kọ, tí wọ́n sì yọ owó bàbá, bàbá ni ọ̀rọ̀ kàn, kì í ṣe ìyá. Láti oṣù kẹfà 2020, Báǹkì Àpapọ̀ ti ní kí wọ́n dá irú owó POS tó há bẹ́ẹ̀ padà láàárín wákàtí 72. Bàbá á sì máa pariwo fún wákàtí 72 náà, mo mọ irú wọn.

Aládùúgbò ìyá ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní POS tòun, Sọ́ńdè ò sí nínú kàlẹ́ńdà rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi káàdì sí i ló ń kọrin. Òótọ́ ni, àwọn ilé iṣẹ́ kan ń san án lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ kí aládùúgbò rọra gbéra ga. Wọ́n ń yọ owó láti àpò tiwọn fún un ní Sọ́ńdè ni, wọ́n á wá gba owó oníbàárà nígbà tí ìṣirò bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n rí i pé báǹkì oníbàárà ti sọ pé òun máa san, wọ́n gbà láti dúró dè é fún ọjọ́ méjì. Báǹkì ìyá kò gbà láti dúró fún ọjọ́ méjì. Gbogbo ìyàtọ̀ àárín POS tó ń kọrin àti èyí tó yadi kò ju ìyẹn lọ: ta ló fẹ́ fi àpò ara rẹ̀ dí àlàfo Sátidé àti Sọ́ńdè?

Ẹ tún ní, tíráńsífáà ńkọ́? Mo ti ń retí yín. Láti 2011 ni NIBSS ti gbé ètò kan dé tí wọ́n ń pè ní NIP, ẹ máa ń rí lẹ́tà mẹ́ta yẹn níwájú orúkọ ẹni tó sanwó fún yín. Òru Jímọ̀, ọ̀sán Sọ́ńdè, ọjọ́ Kérésì, ó ń dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Nítorí rẹ̀ lẹ ṣe ń rò pé gbogbo owó ló yẹ kó máa sáré. Kí n sọ òótọ́ kan fún yín: ìròyìn ló sáré, owó jókòó. Báǹkì ẹni tó fi ránṣẹ́ wo àpò rẹ̀, ó yọ ọ́, ó ránṣẹ́ gba ọ̀dọ̀ NIBSS pé òun jẹ báǹkì yín ní iye báyìí. Báǹkì yín gbà á gbọ́, ó san án fún yín láti inú tirẹ̀.

Àwọn báǹkì fúnra wọn ńkọ́? Ká ní láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ títí di alẹ́ Sọ́ńdè, àwọn oníbàárà báǹkì kìíní fi ₦900 mílíọ̀nù ránṣẹ́ sí ti èkejì, àwọn ti èkejì sì fi ₦850 mílíọ̀nù ránṣẹ́ padà. Ẹnikẹ́ni kò ní gbé ₦900 mílíọ̀nù rìn. NIBSS á yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ₦50 mílíọ̀nù ni báǹkì kìíní jẹ. Inú àkáǹtì tí àwọn báǹkì ní lọ́dọ̀ Báǹkì Àpapọ̀ ni ₦50 mílíọ̀nù yẹn ti máa kọjá láti ọ̀kan sí èkejì. Ètò tó ń gbé e kọjá, àwọn tó ń wọ kóòtù àti táì ló ń ṣí i, ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ló sì ń ṣí. Ọjọ́ Ajé ni. Owó tí ẹ fi ra sùyà ní alẹ́ Jímọ̀, tí ẹ jẹ, tí ẹ ti gbàgbé, Ọjọ́ Ajé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ san láàárín àwọn báǹkì. Kí wọ́n lè máa fọkàn tán ara wọn láàárín ìgbà yẹn, wọ́n ti fi ohun ìdúró sílẹ̀ lọ́dọ̀ Báǹkì Àpapọ̀. Àwọn báǹkì tó ń rẹ́rìn-ín síra wọn nínú ìpolówó, wọn ò gba ara wọn gbọ́ títí dé Ọjọ́ Ajé láìsí ohun ìdúró. Ẹ wá ń bínú pé wọn ò gba akápò gbọ́.

Ohun tó jẹ́ kí tíráńsífáà máa sáré kí sọ̀wédowó sì máa yọ́ rìn nìyẹn: nínú ọ̀kan, wọ́n ti wo àpò olówó kí ìròyìn tó gbéra, nínú èkejì, ìròyìn ló ń lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ wo àpò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa, kó gba sìtétímẹ́ǹtì rẹ̀. Ìlà ọjọ́ méjì ló wà níbẹ̀, a máa ń wo ọ̀kan. Trans Date ni ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Value Date ni ọjọ́ tí owó di owó. Sọ̀wédowó ìyá á kọ Jímọ̀ tàbí Ọjọ́ Ajé ní ìlà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n Ìṣẹ́gun ló máa jókòó sí ìlà kejì.

Ìlà kejì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ fún ẹni tó jẹ báǹkì lówó, bí mo tilẹ̀ fẹ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ká ní o yá ₦2,000,000 ní èlé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Èlé ọjọ́ kan tó bí ₦1,640. O fi sọ̀wédowó báǹkì mìíràn san án padà lẹ́yìn gbèdéke Jímọ̀, o tú gèlè, o ní o ti bọ́. Value Date ní Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ mẹ́rin ni èlé ṣì fi rìn, ó lé díẹ̀ ní ₦6,500. Èlé kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í lọ sí Jímọ̀, kì í gba ìsinmi. Òun nìkan ni òṣìṣẹ́ báǹkì tó ń wá síṣẹ́ ní Sọ́ńdè.

Ìyá oní-táìsì ti gbọ́n. Bí wọ́n bá fún un ní sọ̀wédowó báyìí, nǹkan àkọ́kọ́ tó ń wò ni orúkọ báǹkì tó wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ báǹkì kan náà pẹ̀lú tirẹ̀ ni, inú rẹ̀ á dùn, nítorí irú sọ̀wédowó bẹ́ẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni lọ sí NIBSS. Kaṣíà lè wo àpò olówó lójú ẹsẹ̀, kó san án lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ ti báǹkì mìíràn, á bi akápò pé kí ló dé tí kò fi ṣe tíráńsífáà. Akápò á ní ẹni mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí owó ẹgbẹ́. Àwọn mẹ́ta náà ti fọwọ́ sí i ní Ọjọ́rú, bàbá.

Akápò náà sì ti gbọ́n, èyí ló ń bà mí lẹ́rù. Ó ti rí i pé ọjọ́ méjì kò tó fún òun mọ́. Ní Ọdún Àjíǹde 2025, Ọjọ́bọ̀ 17 oṣù kẹrin ló gbé sọ̀wédowó mìíràn fún ìyá, lẹ́yìn gbèdéke. Jímọ̀ 18 jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, Ọjọ́ Ajé 21 jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, Sátidé àti Sọ́ńdè wà láàárín wọn. T bọ́ sí Ìṣẹ́gun 22, owó di owó ní Ọjọ́rú 23. Láti Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́rú, ó ku ọjọ́ kan kó pé ọ̀sẹ̀, akápò kò sì jẹ̀bi ohunkóhun lójú òfin.

Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù kẹjọ, tí àwọn ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá fi ń gba ìsinmi, akápò kọ́kọ́ ní ìrètí nínú rẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé ìsinmi tí ìjọba àpapọ̀ bá kéde ni báǹkì ń kà, ti ìpínlẹ̀ nìkan kì í dá ètò owó dúró. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó wá kọjú sí ọdún Iléyá. Ìyẹn dúró lórí òṣùpá, ìjọba sì lè fún wa ní ọjọ́ méjì léraléra. Ẹ lọ wo akápò báyìí ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ ìyá: Kìrìsìtẹ́nì ni o, ṣùgbọ́n ó ti jókòó ti lèmọ́mù láti àárọ̀, ó ń bi í bóyá wọ́n ti rí oṣù.